Ẹ̀kọ Mímu Nínú Páìpù: Ìdí Tí Ìlọ́po Méjì Ìfúnpá Fi Lè Mú Ìlọ́po Mẹ́rin Jáde

Bí epo pupa tó ti yọ́ dáadáa bá ń gba inú páìpù tóóró kọjá, tí ẹni tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù sì sọ ìfúnpá di ìlọ́po méjì, epo tó ń jáde lẹ́nu páìpù yóò di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà kò díjú rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ mímu bá ló wà nínú páìpù kan náà, ìlọ́po méjì ìfúnpá lè mú ìlọ́po mẹ́rin jáde. Bí ó bá sì dín ìfúnpá kù sí ìdajì, ohun tó ń jáde lè já wálẹ̀ sí ìdámẹ́rin. Páìpù kò yí padà, ìgbóná kò sì yí padà. Ẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ ló yí padà bí ó ti ń rìn.

Kì í ṣe ẹ̀kọ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tí a fi ń kun ilé wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni tòmátò lílọ̀, àti ẹrẹ̀ tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì máa ń tì wọ inú ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò wọn bí ìgbà tí a ń ṣírò omi tàbí epo yóò ra pọ́ǹpù tí kò bá iṣẹ́ mu, yóò sì máa wá àléébù sára ẹ̀rọ nígbà tó jẹ́ pé inú ìṣirò ni àléébù wà.

Dókítà tó fi omi wá ọ̀nà ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí nǹkan olómi bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú páìpù, ìpele-ìpele ló ń rìn. Ìpele tó fara kan ògiri páìpù dúró sójú kan. Èyí tó tẹ̀ lé e ń rìn díẹ̀, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń yára sí i, títí dé àárín gbùngbùn tí ìrìn ti yá jù. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń yọ̀ lórí èkejì rẹ̀, èyí tó lọ́ra sì ń fa èyí tó yára sẹ́yìn. Ohun méjì ló wá yẹ kí á mọ̀. Èkíní ni ìyára yíyọ̀, ìyẹn bí ìyára ṣe ń yàtọ̀ láti ìpele kan sí èkejì. Èkejì ni ìfà, ìyẹn agbára tí ìpele kan fi ń di èkejì mú lórí ìwọ̀n ààyè kan.

Isaac Newton ló kọ́kọ́ dá a lábàá nínú ìwé *Principia* rẹ̀ ní ọdún 1687 pé ìfà àti ìyára yíyọ̀ jọ ń lọ sókè ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá di ìlọ́po mẹ́ta, èkejì náà di ìlọ́po mẹ́ta. Nọ́ńbà tó so wọ́n pọ̀ ni kíki nǹkan olómi náà. Omi, epo tó yọ́, gílísárínì àti oyin ń tẹ̀ lé òfin yìí. Oyin ki ju omi lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí a rò ó kíákíá tàbí bí a rò ó díẹ̀díẹ̀, kíki rẹ̀ kò yẹ̀, àfi bí ìgbóná rẹ̀ bá yí padà. Irú wọn ni à ń pè ní olómi Newton.

Ó tó ọdún 150 lẹ́yìn ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó fi ìdánwò tó péye mọ bí irú olómi bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba inú páìpù kọjá. Jean Léonard Marie Poiseuille, dókítà ìṣègùn ní Paris, ń wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú òpó kéékèèké ara. Omi ló lò nínú ìdánwò rẹ̀, ó ń tì í gba inú ọ̀pá gíláàsì tóóró tí ihò wọn kò tó mìlímítà kan. Láàárín ọdún 1838 sí 1846 ló ṣe iṣẹ́ náà tó sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Gotthilf Hagen, onímọ̀ ẹ̀rọ omi ní Jámánì, ti fi páìpù idẹ dé orí irú èsì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1839 láìjẹ́ pé ọ̀kan rí ti èkejì wò. Òfin tí wọ́n rí nìyí:

Q = π R⁴ ΔP / (8 μ L)

Q ni ìwọ̀n tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, R ni ìdajì ìbú ihò páìpù, L ni gígùn rẹ̀, ΔP ni ìfúnpá tó pòórá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin páìpù, μ sì ni kíki. Ìfúnpá kò ní nọ́ńbà kankan lórí. Ìdí nìyẹn tí ìlọ́po méjì fi ń mú ìlọ́po méjì wá. R ló ní 4 lórí, nítorí náà páìpù tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì yóò gbé ìlọ́po 16.

Ẹ̀jẹ̀ tí Poiseuille ń rò lọ́kàn kò tilẹ̀ tẹ̀ lé òfin náà délẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ a máa tò léra wọn, ẹ̀jẹ̀ a sì ki. Bí ó bá yára, wọ́n a túká, kíki náà a sì lọ sílẹ̀.

Olómi tí ìrìn ń dẹ̀

Armand de Waele ní ọdún 1923 àti Wolfgang Ostwald ní ọdún 1925 ni wọ́n fún irú olómi bẹ́ẹ̀ ní òfin tó rọrùn láti lò:

ìfà = K × (ìyára yíyọ̀)ⁿ

K ń sọ bí nǹkan náà ṣe ki tó. Nọ́ńbà n ń sọ irú ìwà tó ń hù. Bí n bá jẹ́ 1, olómi Newton ni, K sì di kíki lásán. Bí n bá kéré sí 1, olómi tí ìrìn ń dẹ̀ ni: bí ìpele rẹ̀ ṣe ń yára yọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kíki rẹ̀ ń dín kù tó. Bí n bá jẹ́ 0.5, ìlọ́po méjì ìfà yóò mú ìlọ́po mẹ́rin ìyára yíyọ̀ wá.

Ó ní ohun tó fà á tí ẹ̀kọ fi ń hu irú ìwà yìí. Bí ògì bá ń jinná, hóró sítáàṣì inú rẹ̀ a mu omi, a wú, àwọn okùn sítáàṣì gígùn a sì jáde wá sínú omi tó yí wọn ká. Nígbà tí ẹ̀kọ bá dúró jẹ́ẹ́, àwọn okùn wọ̀nyí a lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò tíì yà. Bí ìpele bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lórí ìpele, ìrìn náà a na okùn sí ọ̀nà tó ń lọ, hóró tó wú a rọra tẹ̀, wọn kò sì ní di ara wọn mú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ti páìpù ni pé ìfà kò dọ́gba káàkiri inú ihò. Ní àárín gbùngbùn, òdo ni. Ó ń lé sí i ní ìṣísẹ̀ kan náà bí a ti ń sún mọ́ ògiri, ìwọ̀n rẹ̀ lára ògiri sì jẹ́ R ΔP / (2 L), ì báà jẹ́ omi, oyin tàbí ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀. Olómi Newton kò ka èyí sí, kíki kan náà ló ní láti àárín dé etí. Ní ti ẹ̀kọ, tòsí ògiri ló ti ń dẹ̀ jù, àárín ló sì ti ki jù. Bí a bá ro gbogbo ìpele náà pọ̀, ohun tó ń jáde ni:

Q = π R³ × n/(3n+1) × (R ΔP / (2 K L))^(1/n)

Ẹ wo 1/n tó wà lórí ìfúnpá. Bí n bá jẹ́ 0.5, 1/n jẹ́ 2, ìlọ́po méjì ìfúnpá sì di ìlọ́po mẹ́rin. R pàápàá ní 3 + 1/n lórí, ìyẹn 5. Ìlọ́po méjì ìbú páìpù yóò gbé ìlọ́po 32 dípò 16.

Ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń se ẹ̀kọ mímu tó sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Páìpù tó gbé ẹ̀kọ láti ìkòkò dé ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ gùn ní mítà 10, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 50. Kí ìṣirò lè rọrùn, a ó fún ẹ̀kọ wa ní n tó jẹ́ 0.5 àti K tó jẹ́ 10, nígbà tí a bá fi Pásíkà wọn ìfà. Ìfúnpá tó pòórá lójú ọ̀nà jẹ́ kílópásíkà 40, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí omi inú táǹkì tó wà lókè mítà 4 ń fún ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀.

Ìfà lára ògiri yóò jẹ́ Pásíkà 50. A pín in fún K, ó di 5. A fi 5 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ìyára yíyọ̀ lára ògiri sì di 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi èyí sínú ìlànà òkè yìí, ẹ̀kọ tó ń jáde jẹ́ lítà 14.7 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá dá ìyára gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ó jẹ́ mítà 0.125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Olómi Newton wo ló lè gba inú páìpù yìí kọjá ní lítà 14.7 kan náà pẹ̀lú kílópásíkà 40 kan náà? Èyí tí kíki rẹ̀ jẹ́ Pásíkà-sẹ́kọ́ǹdù 2.5 ni, ìyẹn ìlọ́po 2,500 kíki omi. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní omi ṣúgà tí a sè títí tó fi ki. Ní ìfúnpá yìí, ẹni tó dúró lẹ́nu páìpù kò lè fi garawa àti aago mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹ̀kọ.

Kí ó wá sọ ìfúnpá di kílópásíkà 80. Omi ṣúgà yóò jáde ní lítà 29.5 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kọ yóò tú jáde ní lítà 59. Kí ó dá a padà sí kílópásíkà 20, omi ṣúgà yóò jẹ́ lítà 7.4, ẹ̀kọ yóò sì jẹ́ lítà 3.7 péré. Bí ó bá sì jẹ́ pé ohun tí ilé iṣẹ́ ń fẹ́ kò ju kí ẹ̀kọ di ìlọ́po méjì lọ, kílópásíkà 57 ti tó. Omi ṣúgà ni yóò gba 80.

Inú páìpù náà yàtọ̀ pẹ̀lú. Kíki ẹ̀kọ lára ògiri jẹ́ Pásíkà-sẹ́kọ́ǹdù 2. Ní ìdajì ọ̀nà sí àárín, ó jẹ́ 4. Níbi tó kù ìdámẹ́rin kí a dé àárín, ó jẹ́ 8. Nítorí pé àárín ki bẹ́ẹ̀, ìpele ibẹ̀ kì í fẹ́ yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ rìn pọ̀. Omi ṣúgà ń sáré ní mítà 0.25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní àárín gbùngbùn, ìyẹn ìlọ́po méjì ìyára tí a pín dọ́gba. Àárín ẹ̀kọ ń rìn ní mítà 0.21, kò sì ju ìlọ́po kan àti ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Èyí ní ìtumọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ooru pa kòkòrò inú oúnjẹ. Ká ní gbogbo ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú àáyá 15 nínú páìpù gbígbóná. Èyí tó yára jù ni à ń wò, nítorí òun ló lè jáde kí ooru tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Omi ṣúgà yóò fẹ́ páìpù gbígbóná tó gùn ní mítà 3.75. Mítà 3.13 tó fún ẹ̀kọ. Ẹni tó bá lo ìyára tí a pín dọ́gba, tó ro pé mítà 1.88 ti tó, yóò jẹ́ kí ẹ̀kọ àárín jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 9.

Níbi tí ìṣirò ti máa ń ṣìnà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí á wọn kíki lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí á sì gbà pé ó ti tán. Ẹ̀rọ kan wà tí ń yí ọ̀pá nínú ife tí nǹkan olómi wà. Bí ó bá yí i díẹ̀díẹ̀, tí ìyára yíyọ̀ jẹ́ 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sọ pé kíki ẹ̀kọ wa jẹ́ 10. Bí ó bá yí i kíákíá tí ìyára yíyọ̀ jẹ́ 100, yóò sọ pé ó jẹ́ 1. Kò purọ́ nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá gbé 10 sínú ìlànà Poiseuille yóò rò pé lítà 14.7 ń fẹ́ kílópásíkà 160, nígbà tó jẹ́ pé 40 ni. Bí ó bá sì lò 160 náà lóòótọ́, ẹ̀kọ yóò ya jáde ní ìlọ́po 16 ohun tó retí. Ẹni tó bá gbé 1 sínú rẹ̀ yóò rò pé kílópásíkà 16 ti tó. Lítà 2.4 ní ìṣẹ́jú kan ni yóò rí, àwọn tó ń rọ ìgò yóò sì máa dúró.

Inú páìpù fúnra rẹ̀ ni ó ti dára jù kí á wọn ọ́n. A ó fi gééjì ìfúnpá méjì sí ara páìpù tó tọ́, jìnnà sí pọ́ǹpù àti ìkọ́ryí, a ó sì fi garawa àti aago wọn ohun tó ń jáde ní ìfúnpá oríṣiríṣi, ó kéré tán márùn-ún. Ká ní 40 fún wa ní lítà 14.7, tí 80 sì fún wa ní 59. Ìfúnpá di ìlọ́po 2, ohun tó ń jáde di ìlọ́po 4. Nítorí náà n = log 2 / log 4, ìyẹn 0.5.

Ó ku K. Láti mọ ìyára yíyọ̀ lára ògiri, ìṣirò olómi Newton ń sọ pé kí á lo 4Q/(πR³), èyí tó fún wa ní 20. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ń yọ̀ lára ògiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ló ti dẹ̀. A ó fi (3n+1)/(4n) sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn 1.25, ó sì di 25. Ìfà lára ògiri jẹ́ 50. Gbòǹgbò 25 jẹ́ 5, 50 tí a pín fún 5 sì jẹ́ 10. K wa ti dé.

Ìdí tí a fi ń fẹ́ ju ìfúnpá méjì lọ ni pé a fẹ́ mọ̀ bóyá n dúró sójú kan. Bí a bá ya èsì rẹ̀ sórí bébà lógárídíìmù, ó yẹ kí ó jẹ́ ìlà gbọnrangandan. Bí ó bá tẹ̀, òfin náà kò bá gbogbo ìfúnpá yẹn mu. Bí a bá ń dín ìfúnpá kù padà, tí nọ́ńbà ìpadàbọ̀ kò bá ti àlọ mu, ẹ̀kọ náà ń dẹ̀ nítorí pé a ti rò ó pẹ́, kì í ṣe nítorí ìyára nìkan. Bí a bá sì lo páìpù méjì tí ìbú wọn yàtọ̀, tí a fún wọn ní ìfà kan náà lára ògiri, 4Q/(πR³) gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú méjèèjì. Bí ti páìpù tóóró bá ga jù, omi díẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ sára ògiri, ẹ̀kọ sì ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí òfin náà mọ

Gbogbo ìṣirò yìí wà fún ìgbà tí nǹkan olómi bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láìrú. Nọ́ńbà Reynolds ló ń sọ ìyẹn fún wa, Metzner àti Reed sì fún un ní ẹ̀dà tó bá olómi tí ìrìn ń dẹ̀ mu ní ọdún 1955. Omi a máa bẹ̀rẹ̀ sí í rú nígbà tí nọ́ńbà náà bá tó bíi 2,100. Ti ẹ̀kọ wa ní kílópásíkà 40 jẹ́ 2.5 péré, ní 80 ó jẹ́ 20. Ewu kò sí níbẹ̀.

Àárín páìpù ni òfin náà ti kọ́kọ́ kùnà. Níbi tí ìyára yíyọ̀ bá ti jẹ́ òdo, òfin yìí ń sọ pé kíki kò lópin. Nǹkan gidi kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ń dín ìyára kù títí, kíki ọ̀pọ̀lọpọ̀ olómi bẹ́ẹ̀ a dé ibì kan tí kò ní lé sí i mọ́. Nínú ìṣirò Q, àṣìṣe ibẹ̀ kéré, nítorí pé ìpele àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn pọ̀ bó ti wù kí ó rí.

Èyí tó lè dá iṣẹ́ dúró ni ìgbà tí iná bá lọ tí ẹ̀kọ sì tutù sínú páìpù. Òfin náà ń sọ pé ìfúnpá kékeré yòówù yóò mú nǹkan díẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti tú ẹ̀kọ tutù kúrò nínú ewé mọ̀ pé ó ti di ohun tó ń dá dúró. Herschel àti Bulkley fi nọ́ńbà kẹta kún òfin náà ní ọdún 1926 fún irú ìwà yìí: ìfà tó kéré jù tí nǹkan náà fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn rárá. Ká ní ti ẹ̀kọ tó tutù jẹ́ Pásíkà 100. Nínú páìpù mítà 10 wa, ìfà lára ògiri kò ní tó ìyẹn títí ìfúnpá yóò fi dé kílópásíkà 80. Pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ kò ju kílópásíkà 57 lọ, tó ń gbé lítà 29 dáadáa ní ìgbà tí ẹ̀kọ gbóná, kò ní lè mi ín. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ náà ní láti mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí wọ́n ra pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ ju kílópásíkà 80 lọ, kí wọ́n fi omi gbígbóná yí páìpù ká, tàbí kí wọ́n tú ẹ̀kọ inú rẹ̀ dànù kí ó tó tutù.